Bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé òbí àti olùkọ́ lórí owó ilé ìwé, tí kò fi ní dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí bíìlì bá dé

Ibi iye owó ni àkọsílẹ̀ ìpàdé Pí-Tí-Éè ti máa ń bàjẹ́. Ìpàdé á tú, olúkúlùkù á gba ilé rẹ̀ lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, bíìlì á dé, òbí kan á ní iye tí a fẹnu kò sí kọ́ nìyí, ilé ìwé á ní òun náà ni. Gbogbo wọn á wá yíjú sí akọ̀wé. Bí akọ̀wé bá ṣí ìwé rẹ̀, tó jẹ́ pé “a fẹnu kò pé kí owó lọ sókè díẹ̀” ló wà níbẹ̀, kò sí bó ṣe fẹ́ là wọ́n.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ní ilé ìwé aládàáni kan níbí ní Ìbàdàn. Òjò ń rọ̀ sórí páànù lọ́jọ́ náà, a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wa. Bàbá àgbà kan dìde, wọ́n ní kí á fi ẹgbàá mẹ́ta lé owó. Mo kọ 3,000. Ẹgbàá mẹ́ta kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, torí ẹgbàá kan jẹ́ 2,000, mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 6,000. Àwọn àgbà gbọ́ 6,000, àwa tí a kò fi ẹgbàá ka owó gbọ́ 3,000, gbogbo wa sì nawọ́ pé a gbà. Nígbà tí bíìlì jáde, ìyá kan tó ní ọmọ mẹ́ta níbẹ̀ rí i pé owó tí òun kó jọ fi 9,000 dín. Ó sunkún lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ìwé tí èmi kọ ló sì mú dání. Àtìgbà náà ni mo ti ń ṣe é bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀. Ìwé tí a lè ya ojú ewé rẹ̀ láìsí ẹni tó máa mọ̀ kò dára fún ọ̀rọ̀ owó.
- Bírò méjì. Ẹ má ṣe lo pẹ́ńsù.
- Ìwé òfin ẹgbẹ́, pàápàá ibi tó ti sọ iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò.
- Àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá.
- Lẹ́tà tí ilé ìwé fi béèrè fún àfikún owó. Bó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.
- Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó wá.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i.

Kí ọ̀rọ̀ má baà fò lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan dání títí dé ìparí. Ká ní ilé ìwé aládàáni kan wà lápá Àkóbọ̀, tí ìdílé 140 ní ọmọ níbẹ̀. Owó pírámárì jẹ́ ₦45,000 ní táàmù kan. Ilé ìwé fẹ́ kó di ₦60,000. Ìpàdé jẹ́ Sátidé, ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 2025.

(Bó bá jẹ́ ilé ìwé ìjọba ni tiyín, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà “owó ilé ìwé” fúnra rẹ̀. Ní 2019 ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíírámà ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bó bá jẹ́ owó tí ẹgbẹ́ òbí dá láàárín ara wọn ni, “owó ẹgbẹ́” ni kí ẹ kọ, kí ó má baà dà bíi pé ilé ìwé ló ń gbà á.)

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pèsè ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó máa wúlò

Ẹ la ìwé náà sí òpó márùn-ún: orúkọ òbí ní kíkún, orúkọ ìdílé tí ọmọ ń jẹ́ nílé ìwé, kíláàsì ọmọ, àkókò tí òbí dé, ìfọwọ́sí.

Ibi tí ènìyàn ti máa ń ṣìṣe ni pé wọ́n á kọ “Ìyá Bọ́lá” sí i. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe ara wa, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́lá lè pé mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn kan, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì jẹ́ ẹni tó dábàá owó, kò ní sí ẹni tó máa mọ èwo ni lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi ẹnì kan jókòó ti ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó máa fi sùúrù béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ yín gan-an ńkọ́?”

Ohun kejì ni pé ènìyàn àti ìdílé kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ènìyàn 67 ló wá: òbí 58 àti olùkọ́ 9. Àwọn tọkọtaya kan jọ wá, nítorí náà ìdílé 52 ni òbí 58 wọ̀nyẹn ti wá. Bí òfin ẹgbẹ́ bá ní ìbò kan ni ìdílé kan ní, 52 ni ẹ ó máa lò, kì í ṣe 67.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ìdílé inú ìwé náà kí alága tó ṣí ìpàdé. Bí òfin bá ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìdílé 140 ló gbọ́dọ̀ pé, 47 nìyẹn. Bí 52 bá wà nílé, ìpàdé lè bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Bí ẹ ó ṣe máa kọ ọ́ nígbà tí ìpàdé ń lọ lọ́wọ́

Ẹ fa ìlà kan sílẹ̀ lápá òsì ojú ewé, kí ẹ máa kọ aago síbẹ̀. Lápá ọ̀tún, kókó ọ̀rọ̀ nìkan. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti kọ gbogbo ohun tí ẹnu sọ. Ìpàdé owó ilé ìwé máa ń gbóná, ènìyàn rere lè fi ìbínú sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní sọ bó bá dé ilé. Bí bàbá kan bá ní “olè ni yín”, ohun tí ẹ ó kọ ni: “Òbí kan béèrè pé kí ilé ìwé ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ná owó táàmù kejì.” Ìbéèrè tó wà nínú ìbínú rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì yẹ kí ó wọ inú fáìlì.

Bí ẹ bá máa fi fóònù gba ohùn sílẹ̀, kí alága béèrè lọ́wọ́ ìpàdé ní gbangba, kí ẹ sì kọ ọ́ pé wọ́n gbà. Síbẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, tàbí bí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwé bá wà nítòsí fèrèsé, ariwo nìkan ni ẹ ó bá nínú rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ owó, ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ “ẹgbàá”, “ọ̀kẹ́” tàbí irú ìkà àtijọ́ mìíràn, ẹ nawọ́, kí ẹ béèrè: “Ẹ forí jì mí sà, ṣé 8,000 ni ẹgbàá mẹ́rin tí ẹ wí yìí?” Kò sí àgbàlagbà tó máa bínú sí i. Nínú àpẹẹrẹ wa, báyìí gan-an ni àfikún ṣe wáyé: àgbà kan ní kí wọ́n fi ẹgbàá mẹ́rin lé ₦45,000, akọ̀wé béèrè, ó sì hàn sí gbogbo ilé pé ₦53,000 ni àbá náà. Ẹni tó gbọ́ “ẹgbẹ̀rún mẹ́rin” ì bá ti máa lọ sílé pẹ̀lú ₦49,000 lọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ìpinnu sókè kí wọ́n tó dìbò

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ráyè ṣe ohun mìíràn dáadáa, ẹ ṣe èyí. Nígbà tí alága bá fẹ́ sọ pé “ṣé a gbà?”, ẹ ní kí ó dúró díẹ̀. Ẹ kọ ìpinnu náà ní gbólóhùn kan tàbí méjì, ẹ dìde, kí ẹ sì kà á fún gbogbo ilé. Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè márùn-ún: Èló? Fún kíláàsì wo? Láti táàmù wo? Ìgbà wo ni wọ́n máa san án? Kí ni kò sí nínú rẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun náà ló sì máa ń mú kí òbí rí owó ìwé kíkà, owó ọkọ̀ àti owó aṣọ lórí bíìlì, kí ó sì rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Báyìí ni ti àpẹẹrẹ wa ṣe rí:

> “Owó ilé ìwé fún Pírámárì 1 sí 6 yóò di ₦53,000 (ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́ta náírà) ní táàmù kan, láti táàmù kìn-ín-ní sáà ẹ̀kọ́ 2025/2026. Òbí lè san án ní ẹ̀ẹ̀mejì: ₦30,000 kí ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, 2025 tó kọjá, àti ₦23,000 kí ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 2025 tó kọjá. Owó ìdánwò wà nínú rẹ̀. Owó ìwé kíkà, aṣọ ilé ìwé àti ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀.”

Ẹ wo bí a ṣe kọ owó ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀. Bírò tó bá fẹ́ sọ 53 di 58 kò ní lè sọ “mẹ́tàléláàádọ́ta” di “méjìdínlọ́gọ́ta”. Ẹ ro owó ìdá méjì náà pọ̀ kí ẹ tó kà á sókè: 30,000 àti 23,000 jẹ́ 53,000. Mo ti rí ìwé tí àròpọ̀ ìdá rẹ̀ ju owó tí wọ́n fẹnu kò sí lọ, tó sì lẹ̀ mọ́ ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dábàá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn. Kí wọ́n wá dìbò, kí ẹ sì ka ọwọ́. Ẹ má ṣe kọ “ọ̀pọ̀ gbà”. Ẹ kọ: ìdílé 34 gbà, 13 kò gbà, 5 kò dá sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52, ó bá iye ìdílé tó wà nílé mu.

Ó lè má bá a mu o. Ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 lè di aago 12:40 kí ọ̀rọ̀ owó tó délẹ̀, àwọn tó ní òde ní Bódìjà tàbí tó ní ìsọ̀ lọ́jà Dùgbẹ̀ á sì ti yọ́ jáde. Bí àpapọ̀ ìbò bá jẹ́ 41, àwọn tó kù nílé kò tó 47 tó gbọ́dọ̀ pé mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún alága kí ó tó kéde ohunkóhun. Ó ṣòro láti sọ, gbogbo ènìyàn ti rẹ̀, ebi ń pa wọ́n. Síbẹ̀ ẹ sọ ọ́, torí pé ẹni tí kò fẹ́ san owó náà yóò ka ìbò yẹn fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun kan tún wà tí àkọsílẹ̀ púpọ̀ kì í yà sọ́tọ̀. Ní ilé ìwé aládàáni, onílé ìwé ló ń dá owó lé ọmọ, ìbò àwọn òbí nìkan kò lè sọ ọ́ di òfin fún un. Nítorí náà, lẹ́yìn ìbò, kí alága yíjú sí onílé ìwé tàbí aṣojú rẹ̀, kí ó béèrè pé “Ṣé ẹ gbà á bẹ́ẹ̀?” Kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí: ilé ìwé gbà, ilé ìwé kò gbà, ilé ìwé lọ rò ó.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ilé ìwé gba ₦53,000 àti sísan án ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí òbí kan béèrè pé kí wọ́n yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó ọmọ kẹta ìdílé kan náà, wọ́n ní àwọn máa lọ rò ó, àwọn á sì fi lẹ́tà dáhùn kí ọjọ́ 25, oṣù Keje tó kọjá. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dínwó fún ọmọ kẹta”, òbí ọlọ́mọ mẹ́ta á ti yọ ₦5,300 kúrò nínú owó rẹ̀ kó tó dé báǹkì. “Ilé ìwé lọ rò ó, èsì ń bọ̀ kí ọjọ́ 25, oṣù Keje tó kọjá” ni ẹ ó kọ.

Àyẹ̀wò: ẹ mú òbí kan tó pẹ́ dé, tí kò sí nílé nígbà tí ẹ ń jiyàn. Ẹ fún un ní ìpinnu náà kà, kí ẹ bi í pé èló ló máa san ní oṣù Kẹsàn-án. Bó bá dá a mọ̀ láìbéèrè nǹkan kan, gbólóhùn yín ti dára. Bó bá ní “àbí kí ni wọ́n ń sọ níbí yìí?”, ẹ tún un kọ kí ìpàdé tó tú.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọjọ́ méjì

Bó bá ti kọjá ọjọ́ méjì, ẹ ó máa fi ìrònú yín kún ibi tí ìwé yín kò ti sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe tẹ̀ léra nìyí: orúkọ ẹgbẹ́, ọjọ́, ibi àti aago, iye tó wá àti iye tó gbọ́dọ̀ pé, àwọn tó tọrọ àyè, kíka àkọsílẹ̀ tó kọjá àti àtúnṣe rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jẹyọ láti inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, ọ̀rọ̀ mìíràn, iṣẹ́ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, aago tí ìpàdé tú.

Ẹ fún ìpinnu kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bíi 2025/07/1, 2025/07/2. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tọ́ka sí i nínú lẹ́tà, nọ́ńbà ló máa pè.

Ní ti èdè, ọ̀pọ̀ wa máa ń fi Yorùbá ṣe ìpàdé, ká tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àkọsílẹ̀ nílé. Ọ̀nà yẹn ni ìtumọ̀ ti máa ń yí padà. Ìmọ̀ràn mi ni pé èdè tí ẹ fi ka ìpinnu sókè ni kí ẹ fi kọ ọ́. Bí ilé ìwé bá fẹ́ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ti Yorùbá ni a ó tẹ̀ lé bí méjèèjì bá yàtọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé e fún alága, akápò àti ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀dà kan náà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí wọ́n sàmì sí ibi owó nìkan. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sàmì sí ₦53,000 láìsí àtúnṣe, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yọ ẹ̀dà pátákó kúrò lára ẹ̀dà fáìlì

Ẹ̀dà fáìlì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà pátákó ni ojú ewé kan tí ẹ ó lẹ̀ sára ògiri ilé ìwé, tí ẹ ó sì fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù àwọn òbí. Ìpinnu, iye ìbò, èsì ilé ìwé àti ọjọ́ sísan owó nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá ni orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè, orúkọ ọmọ, nọ́ńbà fóònù, àti ẹni tó ní òun kò lówó. Nínú ìpàdé kan tí mo wà, ìyá kan dìde pẹ̀lú omijé, ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun. Ó sọ ọ́ fún ìpàdé ni, kò sọ ọ́ fún ògiri. Ọmọ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá lójoojúmọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà sì mọ̀wé kà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, èyí tó jáde ní 2023, náà sọ pé ohun tí a torí rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn nìkan ni kí á lò ó fún. Nínú ẹ̀dà fáìlì pàápàá, “òbí kan béèrè fún ìrọ̀rùn” ti tó. Kí orúkọ rẹ̀ wà nínú lẹ́tà tó bá kọ sí ilé ìwé fúnra rẹ̀.

Ìpàdé tó ń bọ̀ nìkan ló lè fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ yìí, owó sì ti gbọ́dọ̀ wọlé kí ìpàdé yẹn tó dé. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sókè ẹ̀dà pátákó pé: “Ìpàdé kò tíì fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá rí àṣìṣe kí ó kọ̀wé sí akọ̀wé láàárín ọjọ́ méje.” Kí alága fọwọ́ sí i, kí aṣojú ilé ìwé náà fọwọ́ sí i. Bí ìfọwọ́sí ilé ìwé kò bá sí níbẹ̀, ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́.

Orúkọ tí mo máa ń fún méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà nìyí, kí n má baà ṣèèṣì fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sórí Wásáàpù:

```
PTA-2025-07-05-FAILI.pdf
PTA-2025-07-05-PATAKO.pdf
```

Àyẹ̀wò: ẹ dúró níwájú pátákó, ní ibi tí òbí máa dúró sí. Bí ẹ kò bá lè ka ₦53,000 àti ọjọ́ méjèèjì láìtẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi sí i.

Ìgbésẹ̀ 6: Fáìlì, ìfọwọ́sí àti àtúnṣe

Ẹ kọ “ojú ewé 1 nínú 4” títí dé ìkẹrin, kí alága àti akọ̀wé sì fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èyí tó kẹ́yìn nìkan. Ẹ so ìwé ìforúkọsílẹ̀, lẹ́tà ilé ìwé àti ẹ̀dà pátákó mọ́ ọn lẹ́yìn. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́fíìsì ilé ìwé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Akọ̀wé tó bá fẹ́ fi ipò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé náà lé ẹni tó gba ipò lọ́wọ́, kí àwọn méjèèjì sì kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá rí àṣìṣe ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ má ṣe fi táápù funfun pa á, ẹ má sì tẹ òmíràn rọ́pò. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀ kí ó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, kí alága àti akọ̀wé fi àmì orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé tuntun, ẹ kọ ohun tó wà tẹ́lẹ̀ àti ohun tó di. Ẹ̀yin náà kò sì gbọ́dọ̀ gba kí wọ́n fi “àtúnṣe” yí ìpinnu padà. Bí ilé ìwé bá ní nǹkan ti wọ́n, ₦53,000 kò tó mọ́, àbá tuntun nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà tirẹ̀, ìbò tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn tí bíìlì táàmù kìn-ín-ní bá jáde, ẹ mú ọ̀kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpinnu 2025/07/1, kí ẹ sì fi wọ́n wéra ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: iye, kíláàsì, ọjọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bá ara mu, ẹ so bíìlì náà pọ̀ mọ́ fáìlì. Bí wọn kò bá bá ara mu, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwé, kí ẹ pe nọ́ńbà ìpinnu náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ojú ewé tí wọ́n fọwọ́ sí há a lẹ́yìn.